Mo ti sanwó, kò tú koin sílẹ̀

Ṣẹ́gun Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará, mo ra koin 100 USDT lọ́wọ́ ẹnìkan lórí áàpù tí wọ́n ti ń ta koin, ₦1,500 ni ẹyọ kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì bánkì mi ò dáa, mo bá fi ₦150,000 náà ránṣẹ́ láti àkáǹtì ìyàwó mi. Onítọ̀hún ní òun ò ní tú koin sílẹ̀. Mo ti tẹ Appeal kí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà lè dá sí i. Báwo ni wọ́n ṣe máa ń dá irú ẹjọ́ yìí?

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Olè! Olè ni gbogbo àwọn tó ń ta koin. Ẹ gbé orúkọ rẹ̀ síbí.

Tẹ́ńté: Pa fóònù ẹ, kó o tún tàn án. Dátà tèmi náà pẹ́ kó tó wọlé láàárọ̀ yìí.

Bàbá Ìbejì: Tẹ Cancel, kó o lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Owó ẹ á padà fúnra ẹ̀.

Ọ̀gá Wálẹ́ẹ̀tì: Ṣẹ́gun, má tẹ Cancel o! Ilé-iṣẹ́ ló ti koin yẹn mọ́lẹ̀ báyìí, ẹni tó ń tà á ò lè gbé e sá. Tó o bá tẹ Cancel pẹ́nrẹ́n, koin á padà sọ́dọ̀ rẹ̀, owó ẹ á sì wà ní bánkì rẹ̀. Náírà ò gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kọjá rárá, kí ni wọ́n fẹ́ fi dá a padà fún ẹ?

Bàbá Ìbejì: Èmi tẹ Cancel lọ́jọ́sí, kò sí nǹkan tó ṣe mí.

Ọ̀gá Wálẹ́ẹ̀tì: Ṣé ẹ ti sanwó lọ́jọ́ náà, bàbá?

Bàbá Ìbejì: Mi ò tíì san. Ṣùgbọ́n Cancel ṣáà ni Cancel.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Èmi náà ń ta koin. Orúkọ ìyàwó ló wọlé, orúkọ ọkọ ló wà lórí ọjà. Èmi náà ò ní tú u sílẹ̀! Ẹnìkan fi àkáǹtì ẹlòmíì sanwó fún mi rí, àṣé owó tí wọ́n jí ni. Ẹni tó lowó lọ fẹjọ́ sùn, bánkì bá ti àkáǹtì mi pa. Koin ti lọ, owó ò ṣeé ná.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Kí ló dé tó ò dá owó yẹn padà lójú ẹsẹ̀? Ẹ mú owó, ẹ mú koin, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ òfin.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ta ló mú owó ẹ? Aṣọ ni kó o máa tà.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Aṣọ tí mò ń tà, tẹ́ ẹ bá sanwó, ẹ máa gbé aṣọ lọ!

Àrẹ̀mú: Kí ló le ńbẹ̀? Kó fi rìsíìtì hàn wọ́n. Rìsíìtì ló ń dá ẹjọ́.

Ọ̀gá Wálẹ́ẹ̀tì: Rìsíìtì wúlò, àmọ́ ọmọdé lè yí i lórí fóònù. Fídíò ni wọ́n sábà máa ń béèrè: kó o ṣí áàpù bánkì látìgbà tó o ti ń tẹ nọ́ńbà àṣírí, kó o wọ inú owó tó jáde, kí orúkọ méjèèjì àti àkókò hàn láìgé e. Wọ́n á ní kí ẹni tó ń tà náà ṣí tiẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́ kọjá àkókò tí wọ́n dá fún un lẹjọ́ sábà máa ń dá lé lórí. Wàá rí Session ID lára rìsíìtì, nọ́ńbà ọgbọ̀n ni. Bánkì tó gba owó lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá sì sọ ní WhatsApp, wọn ò ní kà á sí. Inú ọjà yẹn ni kó o ti máa fèsì.

Àrẹ̀mú: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. RÌSÍÌTÌ.

Ṣẹ́gun Mọ́kọ́lá: Wọ́n ti béèrè fídíò lóòótọ́. Ṣé màá jàre?

Ọ̀gá Wálẹ́ẹ̀tì: Owó dé, ìyẹn ò lè parọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo rú òfin orúkọ. Ohun tí mo rí jù ni pé wọ́n á ní kó dá owó padà sí àkáǹtì ìyàwó ẹ gan-an, lẹ́yìn náà kí wọ́n fagi lé ọjà. Tí kò bá dá a padà, wọ́n lè tú koin fún ẹ. Má jẹ́ kí wọ́n fagi lé ọjà kí owó tó padà wọlé o, tó bá tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Tó bá sì dá a padà tán, tí bánkì tún wá ti àkáǹtì ẹ̀ pa ńkọ́? Ẹ ò ní sọ ìyẹn.

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Jẹun sókè! Ó ti fẹ́ sunkún.

Tẹ́ńté: Ẹ dákun, ṣé ìyàwó yìí mọ̀ pé ₦150,000 òun ti di koin?

Àrẹ̀mú: Háà! Ìbéèrè rèé!

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ṣẹ́gun, dá wa lóhùn. Àkáǹtì obìnrin lo wọ̀ lọ ní tìẹ?

Ṣẹ́gun Mọ́kọ́lá: Ẹ̀yin ará, fídíò ni mo béèrè. Ṣé dandan ni kí orúkọ rẹ̀ hàn?

Bàbá Ìbejì: Mo ṣì sọ pé kó tẹ Cancel.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹni tí ò sọ fún ìyàwó, ẹ ní kí n tú koin fún!

Àdùkẹ́ Aláṣọ: Ìwọ dákẹ́, a ò tíì parí tìẹ.