Ṣé ó tọ́ kí wọ́n yọ kúìsì tó burú jù kí wọ́n tó pín máàkì?

Ọmọ Yábà Oǹdó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Kúìsì márùn-ún la ṣe ní sáà yìí, máàkì mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wa ní òun yóò yọ èyí tí kálukú ti gba máàkì tó kéré jù, kí òun tó wá ìpíndọ́gba. Èmi gba 7, 7, 6, 7, 7. Ọ̀rẹ́ mi gba 9, 8, 9, 0, 8. Mọ́tò ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ́jọ́ òdo yẹn, kò débẹ̀ rárá. Ṣé wọn ò rẹ́ mi jẹ báyìí?

Délé Alágbàká: Kí ló rẹ́ ọ jẹ? Gbogbo yín ni wọ́n yọ ọ̀kan fún. Máàkì ẹnikẹ́ni ò sì lè wálẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún gbogbo kíláàsì, ojúsàájú ò sí níbẹ̀.

Tísà Ìṣirò: Délé, lóòótọ́ ni, kò sẹ́ni tí máàkì rẹ̀ yóò wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní gòkè dọ́gba. Àwọn méjèèjì ló ní 34 lápapọ̀. Ẹ fi 5 pín in, 6.8 ni kálukú ní. Ẹ wá yọ 6 ọmọ Yábà, ó ku 28, ẹ fi 4 pín in: 7.0. Ẹ yọ òdo ọ̀rẹ́ rẹ̀, 34 náà ló ṣì wà, ẹ fi 4 pín in: 8.5. Ọ̀kan jèrè 0.2, èkejì jèrè 1.7. Bí èyí tó kéré jù bá ṣe jìnnà sí àwọn yòókù tó ni èrè ẹni náà ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó ń ṣe déédéé, díẹ̀ ló máa ń rí.

Ká ní kúìsì yìí jẹ́ 10 nínú 100, tí àwọn méjèèjì sì gba 62 nínú ìyókù. Kí wọ́n tó yọ nǹkan kan, 68.8 ni wọ́n jọ ní, B ni. Lẹ́yìn náà, ọmọ Yábà di 69.0, ọ̀rẹ́ rẹ̀ di 70.5. A nìyẹn.

Ọmọ Yábà Oǹdó: Ẹ ò rí i! Mo wí!

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀ka: Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó gba máàkì tó kéré jù ni wọ́n fẹ́ yọ kúrò ní kíláàsì? Kí ni wọ́n fẹ́ kó lọ máa ṣe nílé?

Délé Alágbàká: Rárá o, mà. Kúìsì ni wọ́n ń yọ, wọn ò yọ ọmọ kankan.

Ìyá Ìbejì Ìjọ̀ka: Ọlọ́run ṣeun. Kẹ́hìndé mi, ibà ló dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ẹ̀sì lọ́dún tó kọjá, wọ́n kọ òdo fún un. Ọmọ tó ń gba 8 àti 9! Títí sáà fi parí, kò lè gbérí mọ́.

Tísà Ìṣirò: Mà, irú òdo bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń yọ ọ̀kan. Kò sọ ohun tí Kẹ́hìndé mọ̀. Ó kàn sọ pé kò wá. Lójú tèmi, ọ̀rẹ́ ọmọ Yábà yẹ fún 8.5 rẹ̀, torí iṣẹ́ tó ṣe ní ọjọ́ mẹ́rin tó wá nìyẹn. 6.8 ló ń parọ́ mọ́ ọn.

Rẹ́ẹ̀pù Kíláàsì: Ẹ dákun sà, èmi ò gbà. Nígbà tí wọ́n ṣe irú èyí fún wa, àwọn tó ti ṣe mẹ́rin dáadáa ò wá síbi ìkarùn-ún mọ́. Wọ́n ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì! Èyí tí èèyàn jókòó ṣe nìkan ló yẹ kí wọ́n máa yọ.

Tísà Ìṣirò: Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tí mọ́tò bàjẹ́ fún ńkọ́? Èmi náà ò tíì rí ọ̀nà tó tẹ́ mi lọ́rùn síbẹ̀.

Akọ̀wé Ọbá-Ilé: Ẹ ṣọ́ra fún kọ̀ǹpútà o. Èyí la máa ń tẹ̀ sínú Excel:

```
=(SUM(B2:F2)-MIN(B2:F2))/(COUNT(B2:F2)-1)
```

Ẹni tí kò wá, ẹ tẹ 0 fún un, ẹ má fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. `COUNT` kì í ka òfìfo, `MIN` náà kì í rí i. Ọjọ́ tí kò wá ti lọ fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún wá yọ òmíràn lé e. Méjì ni wọ́n yọ fún un nìyẹn.

Ọmọ Yábà Oǹdó: Ẹ dúró ná. Wọ́n ti lẹ máàkì mọ́ ògiri lọ́sàn-án yìí. 8.67 ni mo rí lórúkọ ọ̀rẹ́ mi.

Akọ̀wé Ọbá-Ilé: 34, yọ 8, fi 3 pín in. Wọ́n fi òfìfo sílẹ̀.

Délé Alágbàká: Ọmọ Yábà, ta ló máa lọ sọ fún olùkọ́ báyìí?

Ọmọ Yábà Oǹdó: Ọ̀rẹ́ mi ni o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹun.