Ọmọ ọjọ́ 6 tí abẹ́rẹ́ ò ràn

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tuntun kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, kílò 2.8, ọjọ́ 6 rèé. Kò fa ọmú mọ́, ara rẹ̀ tutù. Ó ti gba ampisílínì àti jẹntamáísìn fún ọjọ́ 2, kò sí ìyàtọ̀. Ṣé kí a máa bá a lọ ni, àbí kí a pààrọ̀ rẹ̀?

Ará Láàbù: Ó ti kọjá wákàtí 72 tí wọ́n bí i, kì í ṣe kòkòrò ara ìyá rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Seftriásónì ni kí ẹ fún un.

Ìyá Ìbejì: Ìdodo ni! Ọmọ mi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ mi fi aṣọ gbígbóná jó o, ó sì yá.

Dókítà Ọmọdé: Ará Láàbù, ẹ rọra. Tí ibà pọ́njú bá ń ṣe ọmọ, tàbí tí ó ń gba kálísíọ̀mù, seftriásónì léwu fún un. Wákàtí 72 yẹn kì í sì í ṣe ògiri. Ní ilé ìwòsàn wa, kòkòrò Klẹbisiẹ́là lè ti ọwọ́ wa tàbí rọ́bà tí a fi ń fa ikun imú wọ ara ọmọ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ampisílínì ò lè pa á rárá. Jẹntamáísìn nìkan ló ń jà. Nọ́ọ̀sì, ìwọ̀n wo lẹ fún un? Mílígíráàmù 14 ló yẹ, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Nínú ìgò mílígíráàmù 80 tó jẹ́ mílílítà 2, mílílítà 0.35 péré ni. Síríńjì ńlá ò lè wọn ìyẹn dáadáa.

Tọ́lá: Mọ̀mí Ìbejì, ẹ má jó ìdodo mọ́! Ó ń bó, kòkòrò á tún ráyè wọlé. Jẹ́ẹ̀lì klọhẹksidíìnì ni kí ẹ fi sí i.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, ọmọ mélòó lo ti bí?

Tọ́lá: Kò kan iye ọmọ, mà.

Ìyá Ìbejì: Ó kàn án! Méje ni mo tọ́ dàgbà.

Ará Láàbù: Èrò mi ṣì ni pé seftriásónì ni.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Síríńjì mílílítà 5 la fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ méjì mìíràn náà ti ń ṣe bákan náà láti àná.

Dókítà Ọmọdé: Ọmọ mẹ́ta? Ṣé ìgò omi iyọ̀ kan náà lẹ fi ń po abẹ́rẹ́ gbogbo wọn?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń lo ìgò kan.

Dókítà Ọmọdé: Ẹ dà á nù lónìí. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ mílílítà 1 kí láàbù gbìn ín láti mọ kòkòrò tó wà níbẹ̀ àti oògùn tó lè pa á, kí ẹ tó pààrọ̀ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi amikásínì rọ́pò jẹntamáísìn, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Tí gìrì bá ń mú un tàbí tí àwùjẹ̀ rẹ̀ wú, Ilọrin ni kí ẹ gbé e lọ.

Ará Láàbù: Amikásínì nìkan? Tí kòkòrò náà bá kọ̀ ọ́ ńkọ́?

Dókítà Ọmọdé: Ìyẹn ló fà á tí mo fi ní kí wọ́n gbin ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Tọ́lá, o ò tíì dá mi lóhùn.