Àréstà kì í lé àrá lọ

Ẹ bi ọ̀pọ̀ onílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ léèrè ìdí tí wọ́n fi ri irin ṣóńṣó tí à ń pè ní àréstà mọ́ orí òrùlé, wọ́n á ní ó ń lé àrá lọ ni. Wọ́n gbà pé tí irin bá ti wà lókè, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin yẹn kì í lé ohunkóhun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí àrá tó fẹ́ já lu ilé kọ́kọ́ bá òun. Lẹ́yìn náà, waya bàbà á gbé e sọ̀ kalẹ̀, irin ẹ́ẹ̀tì tí a rì mọ́lẹ̀ á sì tú u ká sínú ilẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù, torí ojú kì í tó o.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, wọ́n pè mí sí ilé alájà mẹ́rin kan lọ́nà Ìlọrin, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Bàbá onílé nawọ́ sókè: "Ọmọ mi, àréstà ti wà ńbẹ̀, kí lo tún fẹ́ wò?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ wò."

Mo tú waya kúrò lára irin ẹ́ẹ̀tì, mo fi ẹ̀rọ wọn irin náà. Óòmù ni a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó. Ó gbé óòmù 85 jáde, bẹ́ẹ̀ èyí tí à ń fẹ́ kò ju 10 lọ. Àrá tí kò le jù lè gbé nǹkan bí 30,000 áńpíà. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 85, ó di fóòtì 2,550,000. Agbára bẹ́ẹ̀ kì í dúró lórí waya. Ó ń fò sára irin mìíràn tó bá wà nítòsí. Irin ojú fèrèsé yàrá kan níbẹ̀ kò sì jìnnà ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí waya náà. Àyà mi já nígbà tí mo rí i, torí ọmọ ọlọ́mọ ló ń sùn sí yàrá yẹn.

Irin ẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni wọ́n rì, mítà 1.2, sínú ilẹ̀ pupa tó ti gbẹ. A ri mẹ́rin tuntun, mítà 2.4 ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi mítà 3 sáàárín wọn. Tí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ilẹ̀ kan náà ni wọ́n á jọ máa lò. Ọ̀kan nínú wọn lọ kan àpáta. A fà á yọ, a sún un síbòmíràn. A gbẹ́ kòtò, a fi bàbà pẹlẹbẹ so gbogbo wọn pọ̀, a da bẹntonáìtì, amọ̀ tó máa ń di omi mú, yí wọn ká. Àwọn kan ń da iyọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òjò á ṣàn án lọ, iyọ̀ á sì jẹ irin náà. A mú waya kejì sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì ilé, a so irin fèrèsé yẹn mọ́ waya àkọ́kọ́ kí àrá má baà rí àlàfo fò kọjá. Mo tún wọ̀n ọ́n: óòmù 9, nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan náà. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò ni mo wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ tútù ì bá tàn wá jẹ.

Bàbá wá bèèrè bóyá tẹlifíṣọ̀n ti bọ́ lọ́wọ́ àrá báyìí. Rárá o. Iná tó bá gba orí waya Nẹ́pà wọlé, àréstà orí òrùlé kò lè dá a dúró. Ìyẹn ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tí à ń so mọ́ bọ́ọ̀dù iná.