Ta ló ní "ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi" ni ìparí ọ̀rọ̀?

Wọ́n tún ti sọ ọ́. A ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan bí wọ́n ṣe máa lọ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa fífi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ni bàbá kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà bá dìde. Ó ní ọpẹ́ ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa fi ń parí ọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má pàṣẹ fún àwọn tó jù wọ́n lọ, kí wọ́n ṣàlàyé, kí wọ́n dúpẹ́, kí wọ́n jókòó, ẹni tó bá gbọ́ á mọ ohun tó kàn. Ó wá fi òwe dè é: àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́. Èmi fọwọ́ lẹ́rán.

Òwe ẹni méjì lòwe yẹn. Ẹni tó ń báni wí tí kò fẹ́ dójú tini ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀ pé òun ni. Nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn kún, ta ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ fẹ́ di odidi fún? Kálukú á rò pé ẹni tó jókòó ti òun ni wọ́n ń bá wí. Tí ẹ bá sì ní ìwà àfojúdi ni kéèyàn sọ ohun tó fẹ́ kí àwọn èèyàn ṣe, ẹ rántí akéde. Ó lu agogo, ó kí ará ìlú, ó sọ ẹni tó rán an, ó sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe, ọjọ́ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n á ti pàdé, ó bá tirẹ̀ lọ. Mi ò tíì gbọ́ akéde tó ní "ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ agogo mi".

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò dáadáa ni ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, tí Howard Leventhal, Robert Singer àti Susan Jones gbé jáde lọ́dún 1965. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa tó jáde ní ìwé pélébé nípa àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n sì rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìwé àwọn kan dẹ́rù bani gan-an, ti àwọn mìíràn rọ̀. Àmọ́ wọ́n fi nǹkan kún ti àwọn kan: máàpù ọgbà yunifásítì tí wọ́n fi ìlà yí ilé ìwòsàn po lórí rẹ̀, aago tí wọ́n ń fúnni ní abẹ́rẹ́, àti ẹ̀bẹ̀ pé kí kálukú wo ètò ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kó mú àkókò tó máa lọ.

Nínú àwọn tí wọn ò fún ní máàpù, nǹkan bí ẹni 3 nínú 100 ló lọ gba abẹ́rẹ́. Nínú àwọn tó gba máàpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni 28 nínú 100. Ìwé tó ń dẹ́rù bani jẹ́ kí ọ̀pọ̀ sọ pé àwọn máa lọ o, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀rọ̀ ká dìde ká lọ, ìbẹ̀rù nìkan kò gbé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì gbàgbé pé àwọn tó ti lo ọdún púpọ̀ nínú ọgbà yẹn ni wọ́n, wọ́n mọ ilé ìwòsàn náà tẹ́lẹ̀. Máàpù yẹn kò kọ́ wọn ní nǹkan tuntun kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó sọ "ó yẹ kí n lọ" di "ọjọ́ báyìí, aago báyìí ni mò ń lọ". Iṣẹ́ tí ìparí ọ̀rọ̀ ń ṣe gan-an nìyẹn, òun náà sì ni "ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi" kò lè ṣe láéláé.

Ó dáa, mo gbà pé ìwé ni wọ́n fún wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu, àwọn tí wọ́n fi ṣèwádìí kò sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gba máàpù pàápàá kò lọ. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fojú ara mi rí ńkọ́? Ọmọbìnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ yìí bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ nípa ìyá tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀ nígbà ìbímọ. Àwọn kan sunkún. Ó wá parí rẹ̀ báyìí: "Ní ìparí, mo máa dá ọ̀rọ̀ mi dúró níbí, nítorí àkókò. Ẹ jẹ́ ká máa ran ara wa lọ́wọ́ o. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi." Kó tó pe "ní ìparí" tán, àwọn ìyá ti ń mú báàgì. Wọ́n yìn ín, wọ́n súre fún un, wọ́n lọ. Kò sẹ́nì kankan tó béèrè ibi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ìyẹn mọ̀ ọ́n: tó bá jẹ́ "ọ̀rọ̀ yín mà dùn o" nìkan lẹ gbọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ìparí yín kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan ìbéèrè ló máa ń bi yín: ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè wá, ṣé ẹ máa wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

A jókòó, a kọ ìparí mìíràn sílẹ̀ fún ọjà tó kàn, ó sì kọ́ ọ sórí:

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣé tí ẹ fún mi láyè. Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tó bá wà láàárín ọdún 18 sí 65, tó wọn kílò 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tára rẹ̀ sì le, Sátidé yìí, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, àwọn nọ́ọ̀sì máa wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò kí wọ́n tó gba ohunkóhun. Ẹ jẹun, ẹ mu omi kí ẹ tó wá. Ìwé rèé lọ́wọ́ mi. Kí ẹ tó jáde, ẹ kọ orúkọ yín àti aago tí ẹ máa wá. Orúkọ mi ló wà lókè, aago mẹ́sàn-án. Ìyá wo ló kàn?"

Ó na ìwé náà síwájú, ó sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn wà nínú ohun tí a kọ, òun ló sì ṣòro jù fún un, nítorí ẹnu á máa yún èèyàn láti fi "ẹ ṣeun o" dí àlàfo. Tó bá fi dí i, gbogbo wọn á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán, wọ́n á dìde. Ìyálọ́jà kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n mú bírò wá, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ọpẹ́ wà níbẹ̀, ẹ ò rí i? Iwájú ẹ̀bẹ̀ ló wà. Ọ̀wọ̀ àwọn àgbà kò sì dín kù. Ẹ̀bẹ̀ kan ló bẹ̀, kò tún ní kí wọ́n dá owó tàbí kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ọmọ wọn, nítorí ẹni tí wọ́n bẹ̀ ní ohun mẹ́ta á mú èyí tó rọrùn jù. Kò sì pe "àwọn tó bá lè ṣe é", nítorí gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ara wọn kúrò nínú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ìbéèrè àti ìdáhùn náà wà ńlẹ̀. Ẹ gba ìbéèrè kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn ni, ẹni tó fẹ́ bá yín jiyàn nípa ìjọba ló máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Bí alága bá sì ń fọwọ́ júwe pé àkókò ti tó nígbà tí ẹ ṣì wà ní ìdajì, ẹ fo ìdajì tó kù. Ìparí tí mo kọ sókè yìí kò tó ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá ti há a sórí lè bọ́ sínú rẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti dá a dúró.