Raspberry Pi kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Arduino

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń fi bọ́ọ̀dù kékeré darí ẹ̀rọ gbà gbọ́ ni pé ọmọ ìyá kan náà ni Arduino àti Raspberry Pi: Arduino ni àbúrò tí a fi ń kọ́ṣẹ́, Pi ni ẹ̀gbọ́n tí olówó ń rà. Wọ́n á ní kò sí ohun tí Arduino ń ṣe tí Pi kò ní ṣe dáadáa jù ú lọ. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan la wò, ó jọ òótọ́. Arduino Uno ń sáré ní mẹgahẹ́ẹ̀tì 16, ràmù rẹ̀ kò sì ju báìtì 2,048 lọ. Raspberry Pi 4 ń sáré dé gigahẹ́ẹ̀tì 1.8, ràmù rẹ̀ sì ń lọ dé gigabáìtì 8. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé àwọn méjèèjì lọ sídìí táńkì omi.

Ká ní ẹ fẹ́ kí pọ́ǹpù máa dá ara rẹ̀ pa nígbà tí táńkì bá kún. Ẹ kan sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 mọ́ abẹ́ ìdérí táńkì, kó dojú kọ omi. Ó máa ń ké igbe tí etí èèyàn kò lè gbọ́, igbe náà á lu ojú omi, á sì padà wá. Iye àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀ lẹ máa kà: máíkírósẹ́kọ́ńdì 58 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Bí ẹ bá ti sọ fún Arduino ẹsẹ̀ tí ẹ so TRIG àti ECHO sẹ́ńsọ̀ náà mọ́, kíkà rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

```
digitalWrite(TRIG, HIGH);
delayMicroseconds(10);
digitalWrite(TRIG, LOW);
long t = pulseIn(ECHO, HIGH);
float cm = t / 58.0;
```

Ohun tó wà lórí Uno ni máíkírókọ́ńtírólà, ìyẹn ṣíìpù kan ṣoṣo tí ọpọlọ, ibi ìpamọ́ àti ẹsẹ̀ tí a ń so wáyà mọ́ jọ wà lára rẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló ń ṣe. Kò sí ètò mìíràn tó ń bá a du àyè.

Odidi kọ̀ǹpútà lórí bọ́ọ̀dù kan ni Pi. Linux ló ń darí rẹ̀, Linux sì ní ètò púpọ̀ tó ń pín àkókò fún. Bó bá dá ètò yín dúró fún máíkírósẹ́kọ́ńdì 1,000 péré, kó fi dá Wi-Fi lóhùn, ẹ pín 1,000 sí 58, ẹ ó rí 17. Omi tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 43 á di 60. Bí ẹ bá tẹ àbájáde rẹ̀ sójú, ẹ ó rí 43, 43, 60, 43. Omi kì í sì í fò bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ẹ lè kà á lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ mú èyí tó bọ́ sí àárín, á ṣeé lò. Owó gọbọi lẹ kàn fi ra ìṣòro tí ẹ̀rọ kékeré kò ní. Ohun mìíràn tún ni pé fóòtì 5 ni ẹsẹ̀ Echo sẹ́ńsọ̀ náà ń tú jáde, Pi kò sì gbà ju 3.3 lọ. Láìsí rẹ̀sísítọ̀ méjì tó máa dín in kù, ẹsẹ̀ Pi lè jó.

Ẹ wá wo ọ̀ràn iná. Wọ́n lè mú un lọ, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n tún mú un lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò kan Uno. Bí iná bá dé, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, torí inú ṣíìpù náà ni ètò rẹ̀ wà. Mẹ́mórì káàdì ni Pi 4 sábà fi ń jí. Bí iná bá lọ níbi tó ti ń kọ nǹkan sí i lọ́wọ́, káàdì náà lè bàjẹ́. Ẹ ó rí iná pupa tó tàn, àmọ́ iná àwọ̀ ewé tó yẹ kó máa ṣẹ́jú kò ní ṣẹ́ ẹ mọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Títí dìgbà tẹ́ ẹ bá fi tún káàdì náà ṣe, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ pọ́ǹpù.

Ibi tí Pi ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ibi tí iṣẹ́ bá ti tóbi. Ká ní ẹ fẹ́ kí kámẹ́rà máa ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọ ẹnu géètì. Àwòrán aláwọ̀ kan ṣoṣo tó fẹ̀ 640, tó ga 480, báìtì 921,600 ni. Ibo ni Uno fẹ́ gbé e sí? Àmọ́ ẹ má torí Wi-Fi nìkan ra Pi o: ESP32 náà ní Wi-Fi, máíkírókọ́ńtírólà sì ni. Kí orúkọ má sì tàn yín, Raspberry Pi Pico tó jáde lọ́dún 2021, máíkírókọ́ńtírólà lòun náà.

Bí ẹ bá wá fẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ omi fún oṣù mélòó kan, kí ẹ sì máa wò ó lórí fóònù, ẹ lo méjèèjì. Ẹ fi wáyà USB so Uno mọ́ Pi, kó máa fi iye tó bá kà ránṣẹ́. Lórí Pi, ẹ sábà máa rí i ní `/dev/ttyACM0`. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àṣẹ pípa pọ́ǹpù wà lọ́wọ́ Uno, kí Uno náà sì ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà náà, bí káàdì Pi bá bàjẹ́, àkọsílẹ̀ nìkan ló máa dáwọ́ dúró. Pọ́ǹpù á ṣì kú nígbà tí táńkì bá kún.