Owó Oṣù Kẹrin Ò Sọnù, Excel Yín Ló Gbé E Lọ sí Oṣù Kẹta

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Ifẹ̀ níbí, ẹ dákun, ẹ yéé ṣí fáìlì CSV báńkì sínú Excel gbùà, kí ẹ tún wá máa wo akápò bí olè pé níbo lowó oṣù kẹrin wọlé sí.

Àwa níbí, ọjọ́ la kọ́kọ́ ń kọ, oṣù ló ń tẹ̀ lé e. 03/04/2024 ni ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ló sì wà nínú fáìlì. Àmọ́ kọ̀ǹpútà àlòkù tí wọ́n rà ní Lágere, English (United States) ló ṣì wà níbi Region rẹ̀, kò sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà, oṣù ló ń ṣáájú. Excel á wá ka déètì yẹn sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, á fi nọ́ńbà 45355 pamọ́ dípò 45385. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti fò lọ, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni.

Tó bá wá kan 17/04/2024, kò sí oṣù kẹtàdínlógún, nítorí náà á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. SUMIFS tí ẹ ní kó ṣírò owó láti ọjọ́ kan sí èkejì ò ní ka ìyẹn rárá. Nínú ọjọ́ 366 tó wà ní ọdún 2024, ọjọ́ 222 ló di ọ̀rọ̀ lásán, 132 ló bọ́ sí oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Méjìlá péré ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn bíi 04/04 tí ọjọ́ àti oṣù jọ jẹ́ nọ́ńbà kan náà.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń pè ní àpapọ̀ oṣù kẹrin. Owó tí wọ́n san ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní wà níbẹ̀, ti ọjọ́ kẹrin oṣù kejì wà níbẹ̀, ti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá náà wà níbẹ̀. Owó ọjọ́ kẹrin gbogbo oṣù lẹ kó jọ! Ìyá tó san ẹ̀yáwó rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, oṣù kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọ́n wá ń bu owó ìtanràn lé e lórí. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ohun tó ń bíni nínú jù ni pé ojú kì í tètè rí i. Excel Amẹ́ríkà á fi 3/4/2024 hàn, ẹni tó ń wò ó á rò pé ó bá ìwé mu. Òdo iwájú tó pòórá yẹn gan-an ni àmì. Ẹ wo òpó náà dáadáa: àwọn tó di déètì á fara ti ọwọ́ ọ̀tún, kò sì ní sí ọjọ́ kan nínú wọn tó ju 12 lọ, àwọn tó di ọ̀rọ̀ á fara ti ọwọ́ òsì pẹ̀lú òdo wọn. Àbí kí ẹ rí owó tí wọ́n san nínú oṣù tí kò tíì dé.

Kí ẹ lọ sí Format Cells ò ṣe nǹkan kan. Aṣọ lẹ pààrọ̀, nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ò yí. Tí fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá ti sọnù, tí déètì sì wà ní òpó A, èyí ló lè tún un ṣe:

```
=IF(ISNUMBER(A2),DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Èyí tó ti di déètì, ó dá ọjọ́ àti oṣù rẹ̀ padà sí ipò wọn. Èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀, ó gé e sí mẹ́ta, ó tò ó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o! Ẹ bá tún ṣe é lórí àbájáde rẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tún dojú rú. Kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ bí ọ̀gá kan bá ti jókòó tì í, tó ń fi ọwọ́ tún díẹ̀díẹ̀ tẹ̀, tó tún fi owó tuntun kún un. Tí èyí tó tọ́ àti èyí tó yí bá ti dàpọ̀ báyẹn, àfi kí ẹ padà sí báńkì lọ gba fáìlì mìíràn. Irú àwọn aláàánú bẹ́ẹ̀ ló ń bà á jẹ́ jù.

Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí Data, From Text/CSV, Transform Data. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ọ̀tún, níbi Applied Steps: bí Changed Type bá wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò, torí ó ti ka déètì lọ́nà Amẹ́ríkà kí ẹ tó dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máúsì tẹ orí òpó déètì, Change Type, Using Locale, kí ẹ mú Date àti English (United Kingdom). Ẹ tẹ Close & Load, ó parí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ ètò tó ń tú fáìlì yìí jáde fún wa, kí ló dé tí ẹ ò kúkú kọ ọ́ ní 2024-04-03, tí kò sí Excel kankan tó máa ṣì í kà?