Èsì wa sí rífíù oníràwọ̀ kan lórí kàlẹ́ńdà bùkíìnì wa

"Ìràwọ̀ kan. Kàlẹ́ńdà yìí ò mọ ọjọ́ kà. Kọ́sítọ́mà gbé kánópì àti àga ní Fúráìdè 24 oṣù kẹwàá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kó dá a padà ní 26 dípò 27. Ẹlòmíì ń bá mi jà pé owó ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun fún ọjọ́ mẹ́ta. Kérésìmesì tí mo ní kó tì, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ti bùkù ẹ̀. Ẹ má fowó yín ṣòfò." (Oníbàárà kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ ṣé mà. A ti ka rífíù yín.

A ò bá dákẹ́, àmọ́ àwọn tó fẹ́ ra kàlẹ́ńdà yìí lọ́la náà ń kà á, wọn ò sì mọ ohun tí èmi àti ẹ̀yin mọ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kejì 2025 lẹ ra fáìlì kóòdù kàlẹ́ńdà yìí lọ́wọ́ wa, tẹ́ ẹ gbé e sórí wẹ́ẹ́bù tẹ́ ẹ fi ń yá èèyàn ní kánópì àti àga. Ọjọ́ 18 oṣù kẹta ni bọ̀ọ̀dá tó ń bá yín tọ́jú wẹ́ẹ́bù ṣí fáìlì yẹn tó sì yí i padà, déètì ọjọ́ náà ṣì wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá lẹ fi mẹ́sẹ́jì ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ọmọbìnrin tó ń dá kọ́sítọ́mà lóhùn fún wa fèsì lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní kẹ́ ẹ jọ̀ọ́ fi fáìlì tó wà lórí wẹ́ẹ́bù yín ránṣẹ́ ká lè wò ó. Ẹ fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di àárọ̀ kejì tá a máa ṣàlàyé ohun tá a rí, rífíù ti jáde. Ìyẹn ló dùn wá jù.

Ohun tá a rí nìyí. Kóòdù tá a tà fún yín ń lo `setDate` láti fi ọjọ́ kún ọjọ́. Èyí tó wà lórí wẹ́ẹ́bù yín báyìí kì í ṣe tiwa:

```js
const mu = new Date(2025, 9, 24);
const pada = new Date(mu.getTime() + 3 * 86400000);
console.log(pada.toString());
// Sun Oct 26 2025 23:00:00 GMT+0000 (Greenwich Mean Time)
```

86400000 yẹn ni iye mílísẹ́kọ́ǹdù tó wà nínú wákàtí 24. Bọ̀ọ̀dá gbà pé gbogbo ọjọ́ ló ní wákàtí 24, ó wá sọ ọ́ di mẹ́ta, ó fi kún ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù. Níbi téèyàn kì í ti í yí aago, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n Lọ́ńdọ̀nù lẹ wà mà. Lóru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè 26 oṣù kẹwàá 2025, nígbà tó di aago méjì òru, gbogbo Bìrìtéènì dá aago padà sí aago kan, tó túmọ̀ sí pé Sọ́ńdè yẹn ní wákàtí 25. Láti aago méjìlá òru tí Fúráìdè bẹ̀rẹ̀ títí dé aago méjìlá òru tí Mọ́ńdè bẹ̀rẹ̀, wákàtí 73 ni. Kóòdù yẹn fi 72 kún. Ó ku wákàtí kan kó dé Mọ́ńdè ló bá dúró, aago mọ́kànlá alẹ́ Sọ́ńdè ló bá a, torí pé ojú wẹ́ẹ́bù ò sì fi aago han kọ́sítọ́mà, ọjọ́ nìkan ló ń fi hàn, 26 ni kọ́sítọ́mà rí.

Owó ọjọ́ mẹ́rin náà, ibì kan náà ló ti wá. Lójú ewé tí kọ́sítọ́mà ti ń mú ọjọ́ méjèèjì fúnra ẹ̀, bọ̀ọ̀dá yọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kúrò nínú ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà, ó pín in pẹ̀lú 86400000, ó wá fi `Math.ceil` gbé e sókè. Wákàtí 73 tá a bá pín sí 24, mẹ́ta àti díẹ̀ ni. `Math.ceil` ò mọ̀ pé díẹ̀ yẹn kì í ṣe ọjọ́, ó gbé e dé mẹ́rin, kọ́sítọ́mà sì san án. Ó yẹ kí inú bí onítọ̀hún, a ò bá a jiyàn rárá.

Ẹ lè ní ẹ ti ń lò ó látoṣù kẹta tí nǹkankan ò ṣe, kí ló dé tó jẹ́ oṣù kẹwàá ló bàjẹ́. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kọ kóòdù kàlẹ́ńdà fetí sí i dáadáa. Ní Sọ́ńdè 30 oṣù kẹta 2025, aago kan òru di aago méjì lójijì, ọjọ́ yẹn ní wákàtí 23 péré. Ẹni tó gbé ẹrù ní Fúráìdè 28 oṣù kẹta fún ọjọ́ mẹ́ta, kóòdù bọ̀ọ̀dá fi wákàtí 72 kún un, ó kọjá aago méjìlá òru Mọ́ńdè, ó bọ́ sí aago kan òru Mọ́ńdè. Ọjọ́ ṣì jẹ́ 31, ó tọ́, kò sẹ́ni tó máa fura. Ti owó náà ńkọ́? Wákàtí 71 pín sí 24 kò pé mẹ́ta, `Math.ceil` gbé e dé mẹ́ta, òun náà tọ́. Ká ní `Math.floor` tó ń gé e wálẹ̀ ló lò ni, ọjọ́ méjì lẹ ò bá gbowó ẹ̀ nínú oṣù kẹta yẹn, ẹ ò bá ti pàdánù owó kẹ́ ẹ tó mọ̀. Àṣìṣe yẹn ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń dúró de ọjọ́ tó gùn ju wákàtí 24 lọ ni.

Òun náà ló fà á tí bọ̀ọ̀dá yín fi ń búra pé òun tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ tó sì ṣiṣẹ́, kò sì parọ́, ẹ ní láti Ìkẹjà ló ti ń bá yín ṣe é. Nàìjíríà kì í yí aago, UTC+1 la wà látọdún dé ọdún, ìyẹn wákàtí kan ṣáájú UTC tó jẹ́ aago gbogbo ayé, kọ̀ǹpútà tó wà níbí máa sọ fún un pé 27 ni. Ọmọkùnrin tó ń tẹ́ẹ̀sì fún wa kì í gba èsì kọ̀ǹpútà ẹ̀ gbọ́ títí tó fi máa sọ ọ́ di ti ibi tí kọ́sítọ́mà wà:

```
TZ=Europe/London node tesiti.js
```

Ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí lè fi kóòdù àkọ́kọ́ tó wà lókè yẹn sínú fáìlì tó ń jẹ́ `tesiti.js` kó sì fi àṣẹ yẹn mú un ṣiṣẹ́ báyìí, ẹ máa rí i fúnra yín. Ohun tẹ́ ẹ máa wò ni aago tó gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní `00:00:00` tẹ́ ẹ wá rí `23:00:00` tàbí `01:00:00`, wákàtí lẹ fi kún un, ẹ ò fi ọjọ́ kún un. Tiwa nìyí, bá a ṣe tà á fún yín:

```js
const pada = new Date(mu);
pada.setDate(pada.getDate() + 3);
// Mon Oct 27 2025 00:00:00 GMT+0000 (Greenwich Mean Time)
```

`setDate` ń ka ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà, kò kàn án bóyá aago lọ síwájú tàbí ó padà sẹ́yìn, tọ́jọ́ bá sì kọjá ìparí oṣù ó máa bọ́ sínú oṣù tó kàn fúnra ẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe fàájì o, `setDate` ń yí ọjọ́ tó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ni, tẹ́ ò bá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà, ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù máa sún lọ pẹ̀lú. Ní ti iye ọjọ́ tẹ́ ẹ máa gbowó lé, ńṣe la fi ọjọ́ méjèèjì sínú `Date.UTC` ká tó yọ ọ̀kan nínú èkejì ká sì pín in pẹ̀lú 86400000, torí UTC kì í yí aago, ọjọ́ ibẹ̀ kì í kúrò ní wákàtí 24, mẹ́ta á sì jẹ́ mẹ́ta géérégé.

Ó wá ku Kérésìmesì. Ìlà tá a bá nínú fáìlì yín ni `new Date(2025, 12, 25)`. Oṣù kejìlá ni bọ̀ọ̀dá ní lọ́kàn, ó kọ 12. Àmọ́ oṣù inú JavaScript bẹ̀rẹ̀ látorí òdo, oṣù kìn-ín-ní ni 0, oṣù kẹwàá ni 9 bẹ́ ẹ ṣe rí i lókè, oṣù kejìlá ni 11. Kò sì sí oṣù tó ń jẹ́ 12 nínú ẹ̀, síbẹ̀ kò ní pariwo, kò ní kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe kankan jáde, ńṣe ló máa rọra ṣí lọ sí oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà kàlẹ́ńdà yín ti Sọ́ńdè 25 oṣù kìn-ín-ní 2026 pa bó ṣe yẹ, Kérésìmesì 2025 sì ṣí sílẹ̀. Ẹ lọ gbìyànjú àtibùkù 25 oṣù kìn-ín-ní yẹn kẹ́ ẹ wò ó, kò ní gbà.

Mo mọ̀ pé ó ń da èèyàn láàmú, torí ọjọ́ inú oṣù bẹ̀rẹ̀ látorí 1, ọdún sì jẹ́ odidi, oṣù nìkan ló yàtọ̀. Lọ́dún 1995 tí wọ́n ṣe JavaScript ní Netscape, ti èdè Java ni wọ́n wò kọ ètò ọjọ́ yẹn, Java náà sì bá a lọ́wọ́ èdè C tó ń ka oṣù láti 0 dé 11. Ìdí tá a fi kọ ọ́ gàdàgbà sínú ìwé ìlànà tó bá fáìlì wá nìyẹn, lójú ewé tó ń sọ nípa ọjọ́ títì, pé kẹ́ ẹ kọ 11 fún oṣù kejìlá. Àwọn kan máa ń bi wá pé kí ló dé tá ò ní kí wọ́n kàn kọ `new Date("2025-12-25")` tí oṣù ti ń jẹ́ 12 bó ṣe yẹ. Torí pé aago méjìlá òru UTC ni JavaScript máa kà á sí, ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà òtútù kò burú, àmọ́ àwọn oníbàárà wa tó wà ní Houston, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 24 ló máa jẹ́ fún wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì ní kó tì, ti àná ẹ̀ ló máa tì.

Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ télọ̀ tó wá lọ gé e nílé, kò yẹ kó padà wá sọ fún gbogbo ọjà pé télọ̀ ò mọ ìwọ̀n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nìyẹn.

Síbẹ̀, a ò ní fi yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A máa dá fáìlì wa padà sórí wẹ́ẹ́bù yín lọ́fẹ̀ẹ́, a máa fúnra wa ti Kérésìmesì pa. Owó ọjọ́ kan tí kọ́sítọ́mà yín fi san lé, a máa san án padà fún yín kẹ́ ẹ lè dá a fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè yẹn kì í ṣe tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2026 wọ́n máa tún sún aago síwájú, ní 25 oṣù kẹwàá wọ́n máa tún dá a padà. Tí fáìlì wa bá ṣi ọjọ́ kan ṣoṣo kà nínú méjèèjì, tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, gbogbo owó tẹ́ ẹ fi rà á la máa dá padà.

Ohun méjì la fẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún rífíù yẹn kọ kó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Kẹ́ ẹ sì gba pásíwọ́ọ̀dù wẹ́ẹ́bù yín lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá yẹn ká tó fi fáìlì náà padà.